Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Ń Wọ́n Omi

Pósítà àkọ́kọ́ tí a yà dára lójú. Ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ife omi wà lórí tábìlì, a sì kọ ọ́ gàdàgbà sí ìsàlẹ̀ pé: “Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ fún un ní ORS,” ìyẹn ẹ̀tù iyọ̀ àti ṣúgà inú ọ̀rá tí wọ́n ń fi omi pò fún ọmọ mu. Àwa mẹ́rin la jọ ṣe pósítà náà, n'Ìbàdàn, lọ́dún tí mò ń ka másítà nínú ìmọ̀ ìlera àwùjọ. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa nínú kọ́ọ̀sì náà ni pé kí a mú ìwà kan tó ń ṣe ìpalára fún ìlera, kí a sì ṣètò bí a ó ṣe polówó èyí tó yẹ kó rọ́pò rẹ̀, bí ẹni ń polówó ọṣẹ tàbí búrẹ́dì. Sóṣà mákẹ́tìn ni wọ́n ń pè é ní kíláàsì. Ìpolówó ìwà ni èmi ń pè é. Olùkọ́ wa wo pósítà náà fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Ó dáa. Ta ni kò mọ èyí tẹ́lẹ̀?”

Ìbéèrè yẹn ló lé wa dé ọjà.

A ti gbà lọ́kàn wa pé àìmọ̀ ló ń dààmú àwọn ìyá. Èrò yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Láti ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikóyè Ransome-Kuti, tó jẹ́ dókítà àwọn ọmọdé, ti di mínísítà ètò ìlera lọ́dún 1985 ni ọ̀rọ̀ omi iyọ̀ àti ṣúgà ti wọ ilé wa, nílé ìwòsàn, lórí rédíò, lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìyá àgbà kan tó ń ta gààrí ní Bódìjà kà á fún wa bí ẹni ń ki oríkì: omi ìgò bíà ńlá kan, ṣíbí tíì mẹ́wàá ṣúgà, ṣíbí tíì kan iyọ̀, kí ojú ṣíbí tẹ́ pẹrẹsẹ, kó má gogoro. Kò ṣì í níbì kan. Ó ti sọ fún wa pé inú ọmọ-ọmọ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàn lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wá bi í pé, “Ìyá, ṣé èyí náà lẹ pò fún un?”

Ó wò mí. “Rárá o. Fílájìlì la rà ní kẹ́mísì. Ọmọ mi, omi yẹn kì í dá a dúró.”

Mo kọ gbólóhùn náà sínú ìwé mi, mo sì fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí a fi máa kúrò lọ́jà lọ́jọ́ náà, a ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn mìíràn pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀, ìtumọ̀ kan náà.

Òótọ́ sì ni wọ́n sọ. ORS kì í dá ìgbẹ́ dúró. Ohun tí ìgbẹ́ gbuuru fi ń pa ọmọ ni omi àti iyọ̀ tó ń bá a jáde lára. ORS ń dá méjèèjì padà, ìgbẹ́ sì lè máa lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí ọ̀sẹ̀ kan kó tó dá fúnra rẹ̀. Ìyá tó ti fọ aṣọ lẹ́ẹ̀mẹfà látàárọ̀, tí ọmọ kò sì jẹ́ kó lọ sí ìsọ̀, ohun tó fẹ́ rà ni kí ìgbẹ́ náà dá. Ohun tí àwa ń tà fún un ni omi tí kò ní í jẹ́ kí ọmọ gbẹ. Alákàrà tó bá ń kígbe pé àkàrà òun kò lẹ́ran nínú kò purọ́, àmọ́ kì í ṣe ohun tí ẹni tí ebi ń pa fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Ó gbóná felifeli ló fẹ́ gbọ́.

Àwọn ará Bangladesh ti kan ògiri yìí ṣáájú wa. Lọ́dún 1980, ẹgbẹ́ BRAC bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn obìnrin láti ilé dé ilé, kí wọ́n máa kọ́ àwọn ìyá láti fi iyọ̀ tí ìka mẹ́ta lè mú àti ẹ̀kúnwọ́ ṣúgà ìrèké po omi. Owó òṣìṣẹ́ dá lórí ohun tí ìyá bá rántí nígbà tí alábòójútó bá padà wá bi í léèrè. Àwọn ìyá rántí dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wádìí iye àwọn tó ń lò ó, ó kéré jọjọ. Nígbà tí wọ́n túbọ̀ tú u wò, wọ́n rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ kan gan-an kò gbà á gbọ́, wọn kì í lò ó nílé tiwọn, àti pé kò sẹ́ni tó bá àwọn bàbá sọ ọ́. Wọ́n tún gbogbo rẹ̀ tò kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú, ilé tí wọ́n dé kẹ́yìn lé ní mílíọ̀nù 12. Mo ka ìtàn náà lálẹ́ ọjọ́ tí a ti ọjà dé, mo sì rí i pé pósítà wa ń kọ́ àwọn èèyàn ní ohun tí wọ́n ti mọ̀ láti ogójì ọdún.

Kí ló dé tí Fílájìlì fi lórúkọ rere tó bẹ́ẹ̀? Oògùn gidi ni. Ó ń pa àmíbà àti jíádíà. Àmọ́ fáírọ́ọ̀sì ló máa ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbẹ́ olómi àwọn ọmọ ọwọ́, rótáfáírọ́ọ̀sì sì ni olórí wọn, èyí tí àjẹsára rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú àwọn tí ìjọba Nàìjíríà ń fún ọmọ lọ́dún 2022. Fílájìlì kò lè ṣe fáírọ́ọ̀sì ní ohunkóhun. Bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí ni pé ìyá a dúró wo ọjọ́ kìíní, a ra Fílájìlì lọ́jọ́ kejì, ìgbẹ́ a dá lọ́jọ́ kẹrin nítorí pé ọjọ́ rẹ̀ pé. Ara ọmọ ló ṣiṣẹ́, ìgò oògùn ló gba ọpẹ́. Ìyá tó ti rí èyí lára ọmọ mẹ́ta kò lè gbọ́ tẹni tó ń sọ fún un pé oògùn náà kò wúlò. Ojú rẹ̀ ló ṣe é.

Nítorí náà a pinnu pé a kò ní í bú Fílájìlì. Ohun tí a lè fi dáhùn “dá a dúró” láìpurọ́ wà nílẹ̀, síǹkì ni. Ìmọ̀ràn àjọ WHO àti UNICEF láti ọdún 2004 ni pé kí ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru gba síǹkì pẹ̀lú ORS, mílígíráàmù 20 lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, mílígíráàmù 10 fún ọmọ tí kò tí ì pé oṣù mẹ́fà. Fún àwọn tó ti ju oṣù mẹ́fà lọ, ó máa ń gé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò nínú iye ọjọ́ tí ìgbẹ́ ń gbà, ó sì ń dáàbò bò wọ́n fún oṣù méjì mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. A yí ọ̀rọ̀ wa padà: síǹkì bọ́ síwájú, ORS tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Síǹkì ni kí ìgbẹ́ tètè dá, ORS ni kí ọmọ lè dúró de ọjọ́ tí yóò dá. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ohun tí a ń tà bá ohun tí ìyá fẹ́ rà pàdé lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ eyín tún wà níbẹ̀. “Eyín ló fẹ́ hù” kì í jẹ́ kí ìyá ka ìgbẹ́ náà sí àìsàn. Ìgbà tí eyín ń hù ni ọmọ ń rá, ó ń fi gbogbo nǹkan sẹ́nu, oúnjẹ sì ti ń dara pọ̀ mọ́ ọmú, ìdí nìyẹn tí méjèèjì fi ń bọ́ sákòókò kan náà. Oògùn eyín tí wọ́n ń rà kì í sì í ṣe ohun àmúṣeré: láàárín ìparí ọdún 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, èyí tí kẹ́míkà dáyẹ́tílíìnì gláíkọ̀ wọ inú rẹ̀ pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà. Ẹnì kan nínú wa fẹ́ kí a gbógun ti ìgbàgbọ́ náà tààrà. Ó ní bí a bá fi irọ́ sílẹ̀, a ti tì í lẹ́yìn nìyẹn. Mo lóye rẹ̀, àmọ́ n kò gbà fún un. Jíjiyàn eyín pẹ̀lú ìyá ọkọ ẹni ń gba oṣù, omi ara ọmọ a sì tán láàárín ọjọ́ kan. Gbólóhùn tí a mú ni: “Eyín ni o, kì í ṣe eyín ni o, omi ń tán lára ọmọ.” Ẹni tó gbà pé eyín ni lè gbà á, ẹni tí kò gbà náà lè gbà á.

Ibi tí mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ jù lọ ni ìdánwò àwòrán. Kí wọ́n tó tẹ ohunkóhun jáde nínú iṣẹ́ yìí, wọ́n máa ń gbé e lọ fún àwọn tó máa rí i, wọn a ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí, láìkọ́ wọn. A yàwòrán ọmọ tó dà bí agbè, ihò wà nídìí rẹ̀, omi ń jò. Ó dá wa lójú pé ó ṣe kedere. A gbé e fún àwọn ìyá kan tí wọ́n ń dúró de àjẹsára ọmọ. Èyí àkọ́kọ́ wò ó, ó ní, “Agbè ń jò.” A ní kí ló yẹ kí a ṣe sí i? Ó ní, “Ṣé ẹ kò ní í dí i ni?”

Gbogbo wa dákẹ́. Ta ló ń bomi kún agbè tó ń jò? Dídí ni wọ́n ń dí i, Fílájìlì sì ni ohun tí wọ́n fi ń dí i. Àwòrán tí a fi ọ̀sẹ̀ méjì yà ń polówó ọjà ẹlòmíràn. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́ láìbi ẹnikẹ́ni, a kì bá tí mọ̀ láé, torí pé gbogbo wọn ni ì bá sọ fún wa pé ó rẹwà.

Nígbà tí a ń palẹ̀ mọ́, ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà, tó ń ta ẹ̀fọ́, ní kí a jókòó. Ó ní, “Ohun tí ẹ ń sọ yìí, ṣé bí àwa ṣe ń wọ́n omi sẹ́fọ̀ọ́ kọ́ ni? Oòrùn kò ní í torí mi wọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń wọ́n omi sí i díẹ̀díẹ̀, kò ní í rọ títí oòrùn á fi wọ̀.”

Ṣebí mo ti rí i láti kékeré: abọ́ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ, ọwọ́ a wọnú omi, a gbọn ọ́n sórí tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan, láti òwúrọ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó ń da garawa omi kan lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n sì ṣe ń fún ọmọ ní ORS gan-an nìyẹn: ṣíbí kan lẹ́yìn ṣíbí kan, bó bá bì, kí a sinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí a tún bẹ̀rẹ̀, kó lọ́ra ju ti àkọ́kọ́. Ọmọ tí kò tí ì pé ọdún méjì yóò gba nǹkan bí mílílítà 50 sí 100 lẹ́yìn ìgbẹ́ olómi kọ̀ọ̀kan. A pa agbè rẹ́. Àwòrán tuntun ní ẹlẹ́fọ̀ọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún àti ìyá pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́ òsì. Nígbà tí a gbé e padà lọ, wọn kò béèrè ìtumọ̀.

Àwòrán náà ní ibi tí kò dé, a sì rí i kíákíá. Ìyá kan ní, “Ó dáa, omi lásán náà ti tó nìyẹn.” Kò tó. Ìfun tí àìsàn ti bà jẹ́ kì í fa omi lásán wọlé bó ṣe yẹ. Ṣúgà àti iyọ̀ a jọ gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọ inú ara, omi a sì tẹ̀ lé wọn. Bí ṣúgà tàbí iyọ̀ bá dá wà, ẹnu ọ̀nà yẹn kò ní í ṣí bó ṣe yẹ. A fi gbólóhùn kan kún un pé omi tí a fi po ORS ló ń wọlé bó ṣe yẹ. Mo fẹ́ kí a rí nǹkan tó dùn létí ju bẹ́ẹ̀ lọ, a kò rí i.

Pípo ORS náà tún kó wa sí wàhálà. Lítà kan omi ni ọ̀rá ORS tí a rà wà fún. Ìyá Ìbejì kan jẹ́ kí a wo bí òun ṣe ń pò ó. Ó bu omi ife kan, ó ya ọ̀rá náà lójú, ó ta díẹ̀ síbẹ̀, ó ká ẹnu rẹ̀, ó fi í pamọ́ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, “kó má baà ṣòfò.” Ọmọ ọlọ́dún kan kì í sábà mu lítà kan tán lóòjọ́, ìyá tó ń ṣọ́ owó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀tù tí ojú ń wọ̀n lè le jù, iyọ̀ rẹ̀ a pọ̀ jù fún ọmọ, òùngbẹ a tún gbẹ ẹ́. Ó sì lè fúyẹ́ jù, kó má ṣiṣẹ́. Ní Zambia, ẹgbẹ́ aláàánú ColaLife yanjú èyí nípa ṣíṣe ọ̀rá kékeré tó jẹ́ ti mílílítà 200, wọ́n sì sọ ike tí wọ́n kó o sí di ife ìwọ̀n. Àwa kò ní ilé iṣẹ́. A kọ́kọ́ ní kí wọ́n lo omi ọ̀rá méjì, torí pé àádọ́ta sẹ̀ǹtílítà ni wọ́n ń kọ sára rẹ̀. Mo ra oríṣi bíi mélòó kan, mo dà wọ́n sínú ife ìwọ̀n láàbù, wọn kò dọ́gba, àwọn kan kò pé. A wá lo ike mínírà àádọ́ta sẹ̀ǹtílítà: ike méjì kún, ọ̀rá kan, kí a dà á nù lẹ́yìn wákàtí 24. Ike yẹn wà nínú gbogbo ilé tí a wọ̀. Fún ẹni tó máa po ti iyọ̀ àti ṣúgà nílé, a fi àtọ́wò àtijọ́ kún un: kó fi iyọ̀ sí i, kó tọ́ ọ wò kó tó fi ṣúgà sí i, bó bá níyọ̀ ju omijé lọ, kó dà á nù.

Ẹni tí a kò kà sí rárá nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ wá di ẹni tó ṣe pàtàkì jù. Onikẹ́mísì ni. “Dókítà” ni àwọn ìyá ń pè é, òun ni wọ́n ń rí kí wọ́n tó rí dókítà kankan. Ìyá kì í dárúkọ oògùn nígbà tó bá débẹ̀, “Ọmọ mi ń yàgbẹ́” ló máa ń sọ. Ohun tó bá jáde látorí pẹpẹ ló ń gbé lọ sílé. Mo bi ọ̀kan léèrè nípa ORS, ó ṣàlàyé rẹ̀ jù mí lọ. Ó wá sọ òdodo ọ̀rọ̀: èrè orí ọ̀rá ORS kan kò tó nǹkan, ìyá tó bá sì gbé omi nìkan lọ sílé máa ń rò pé òun kò rí ìtọ́jú gbà, ó lè má padà wá mọ́. Kò ṣe é níkà, báyìí ni ìsọ̀ ṣe rí. Nítorí náà ohun tí a fi lọ̀ ọ́ jẹ́ ọjà odindi: ọ̀rá ORS méjì àti páálí síǹkì oníhóró mẹ́wàá nínú náílọ́ọ̀nù kan, iye owó kan, àwòrán ẹlẹ́fọ̀ọ́ nínú rẹ̀, kí èrè rẹ̀ sún mọ́ ti Fílájìlì. Irú àdìpọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wà nínú ìwé oògùn pàtàkì WHO láti ọdún 2019. A kọ sórí ìwé rẹ̀ pé bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí àwùjẹ̀ ọmọ bá jìn wọlé, bó bá ń sunkún tí omijé kò jáde, ilé ìwòsàn ni kó lọ, kì í ṣe kẹ́mísì.

Lórí bí a ó ṣe mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́, olùkọ́ wa kò fi wá lọ́rùn sílẹ̀. Bí a bá bi onikẹ́mísì léèrè, ORS ni yóò dárúkọ. Ohun tó wúlò ni kí ẹnì kan lọ bí ìyá tó ń ra oògùn, kó sì kọ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún un. A kò ní àṣẹ ìgbìmọ̀ ìwádìí fún irú ìyẹn, a kò sì ṣe é. A kàn jókòó nínú ìsọ̀ pẹ̀lú ìyọ̀ǹda, a ń kọ nǹkan sílẹ̀, gbogbo wa sì mọ̀ pé ẹni tí wọ́n ń wò máa ń tún ara rẹ̀ ṣe. Èkejì ni ìgbà ọdún. Rótáfáírọ́ọ̀sì a máa gbilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí a bá ka ìgbẹ́ ọmọ nínú ọyẹ́, tí a polówó, tí a tún kà á nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, iye yóò lọ sílẹ̀ yálà a ṣe nǹkan kan tàbí a kò ṣe. A kọ ọ́ sínú ètò náà pé ọjà kejì, tí kò gba àdìpọ̀, gbọ́dọ̀ wà tí a ó máa fi wé e lákòókò kan náà, àti pé iye àdìpọ̀ tí wọ́n tà ni a ó kà, kì í ṣe iye pósítà tí a lẹ̀.

Wọ́n fún wa ní máàkì, kọ́ọ̀sì parí. Àdìpọ̀ díẹ̀ tí a fọwọ́ ara wa dì ṣẹ́kù lọ́dọ̀ onikẹ́mísì náà. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì mo gba àdúgbò yẹn kọjá, mo yà kí i. Àwòrán ẹlẹ́fọ̀ọ́ wà lára gíláàsì, oòrùn ti ń pa á láwọ̀. Mo bi í bóyá wọ́n rà á. Ó ní wọ́n rà á tán, àwọn kan tún padà wá béèrè. Ó wá nawọ́ sí pẹpẹ. ORS wà níbẹ̀ lọ́tọ̀, kò sí síǹkì. Ó ní ibi tí òun ti ń ra ọjà, páálí ńlá ni wọ́n ń tà á, kò sì sí owó tí òun lè fi dè é mọ́lẹ̀. Ìyá kan wọlé bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, “Dókítà, ẹ bá mi mú ti ẹlẹ́fọ̀ọ́ yẹn.” Onikẹ́mísì wò mí, ó wo pẹpẹ, ó mú ọ̀rá ORS méjì fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ike mínírà.